Lẹ́tà ìròyìn ẹgbẹ́ wa kò ṣe é kà lórí fóònù: báwo la ṣe máa sọ ọ́ di kọ́lọ́ọ̀mù kan?

Olóòtú_Ẹgbẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń tọ́jú lẹ́tà ìròyìn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn. Ẹni tó ń ṣe é kó tó kàn mí fi Word tò ó ní kọ́lọ́ọ̀mù méjì: ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ìpàdé wà lápá òsì, ọ̀rọ̀ Ààrẹ àti ìròyìn wà lápá ọ̀tún. Mo kàn máa ń dà á kọ láti inú Word sínú ẹ̀rọ tí a fi ń fi íméèlì ránṣẹ́ ni. Ó dára lórí kọ̀ǹpútà. Lórí fóònù, àwọn kan ní lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí èèrà, àwọn mìíràn ní àwọn ń fà á sọ́tùn-ún fà á sósì kí àwọn tó ka ìlà kan tán. Mo fẹ́ sọ ọ́ di kọ́lọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí yóò ṣí dáadáa nínú Gmail, Yahoo àti Outlook. Mo gbọ́ HTML díẹ̀, kò pọ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Èyí ò le. Lọ sí orí HTML rẹ, kí o fi èyí sínú `<style>`:

```css
@media (max-width:600px) {
  .kolomu { display:block !important; width:100% !important; }
}
```

Lẹ́yìn náà kí o fi `class="kolomu"` sára `td` méjèèjì. Tí ojú fóònù bá ti kéré, kọ́lọ́ọ̀mù kejì á bọ́ sábẹ́ àkọ́kọ́. Ohun tí mo ń lò nìyẹn fún lẹ́tà ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì ń jáde geerege lórí iPhone mi.

Àdùkẹ́_Alátòjọ

Ọmọ Mọ́kọ́lá, òótọ́ ni o sọ nípa iPhone. Òótọ́ sì ni nípa Gmail náà, bí àdírẹ́sì ẹni yẹn bá jẹ́ ti Gmail fúnra rẹ̀, torí láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń gba `@media` wọlé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yàtọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi áàpù Gmail ka íméèlì tí kì í ṣe ti Gmail: ti Yahoo, ti ibi iṣẹ́, ti yunifásítì. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, áàpù náà máa ń yọ gbogbo ohun tó wà nínú `<style>` kúrò kó tó fi lẹ́tà hàn wọ́n. `class` rẹ yóò wà níbẹ̀, àmọ́ kò ní sí òfin tó bá a ṣọ̀rẹ́ mọ́. Kọ́lọ́ọ̀mù méjì á dúró bó ṣe wà.

Nítorí náà, èmi kì í kọ lẹ́tà fún kọ̀ǹpútà kí n tún wá máa bẹ fóònù pé kó bá mi tún un tò. Kọ́lọ́ọ̀mù kan nínú tébù kan ni mo máa ń kọ látilẹ̀wá, fún gbogbo èèyàn, àti ẹni tó wà lórí kọ̀ǹpútà àti ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, a ò ní jẹ́ kí fífẹ̀ rẹ̀ kọjá píkísẹ́lì 600. Lórí fóònù, á kúnjú fóònù náà, kò sì ní kọjá rẹ̀. Kò sí `@media` kankan nínú ìyẹn, torí náà kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa rí yọ dànù.

Olóòtú, kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù rárá, ẹ mú bébà. Nínú HTML tí ẹ ní báyìí, apá òsì ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Tí ẹ bá kàn to kọ́lọ́ọ̀mù méjèèjì léra bí Ọmọ Mọ́kọ́lá ṣe wí, gbogbo ọjọ́ ìbí oṣù yẹn ni yóò wà lókè, ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ Ààrẹ á sì ti fi ìka yí fóònù títí kó tó dé ibẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ojú ló ń yan ibi tó fẹ́ wò. Lórí fóònù, ẹ̀yin lẹ máa bá a yàn. Bó bá jẹ́ èmi, ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀ ni màá fi ṣíwájú, ní ìlà kan tàbí méjì péré, torí ohun tó ní ọjọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀rọ̀ Ààrẹ: ìpínrọ̀ méjì àkọ́kọ́, kí líǹkì gbé ẹni tó bá fẹ́ ìyókù lọ síbi tó wà. Lẹ́yìn náà ìròyìn, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ owó. Kí ọjọ́ ìbí wà nísàlẹ̀. Ẹni tí oṣù rẹ̀ pé á wá orúkọ ara rẹ̀ débẹ̀.

Bàbá_Pẹ́ńṣọ̀n

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ wa. Ṣé PDF tí wọ́n ń jù sórí WhatsApp yẹn lẹ ń sọ? Ẹ bá wa dá a dúró. Tí mo bá ṣí i, odidi ojú ìwé á há sórí fóònù, èmi á wá máa fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Bí mo bá fẹ̀ ẹ́ tán, ìlà á ti sá lọ. Ti íméèlì gan-an kò sàn jùyẹn lọ. Samsung ni fóònù mi. Àdírẹ́sì Yahoo tí mo ṣí nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ń lò, àmọ́ ọmọ mi obìnrin ti bá mi fi sínú Gmail, ibẹ̀ ni mo ti ń ka gbogbo rẹ̀.

Àdùkẹ́_Alátòjọ

Ẹ ṣeun sà, Bàbá. Ti PDF yẹn yàtọ̀, torí ojú ìwé tó ti gan ni, kò sí bí a ṣe lè ní kó rọ̀. Àmọ́ ẹ ti bá mi wí ohun tí mo fẹ́ wí: Yahoo nínú áàpù Gmail. Ẹ̀yin gan-an ni kóòdù tí Ọmọ Mọ́kọ́lá fi síbí kò ní dé ọ̀dọ̀ yín.

Bàbá, tí ẹ bá ṣí lẹ́tà tó ní kọ́lọ́ọ̀mù méjì, ṣé ńṣe ló máa ń kéré pọ̀, tàbí ńṣe ni apá kan máa ń wà níta?

Bàbá_Pẹ́ńṣọ̀n

Ó ń kéré pọ̀ ni. Mo máa ń rí gbogbo rẹ̀, n kì í rí ohunkóhun kà.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ó dáa, mo gbà fún yín lórí `@media`. Àmọ́ kí la tún ń wá tébù ṣe láyé ìsinsìnyí? `div` kan ṣoṣo, `max-width:600px`, ọ̀rọ̀ tán. Ẹni tó ń fi tébù to ojú ewé lónìí, ẹ̀yìn ló ń rìn.

Akọ̀wé_Báńkì

Wá sí ọ́fíìsì wa kí o wá wo bí `div` rẹ ṣe máa ń rí. Outlook ni wọ́n fún gbogbo wa, ojú kọ̀ǹpútà mi sì fẹ̀. Lẹ́tà kan wọlé láìpẹ́ yìí, ìlà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti etí òsì, ó parí sí etí ọ̀tún. Bí mo bá ka ìlà kan dé òpin, mi ò ní mọ ìlà tó kàn nígbà tí mo bá padà. Àwòrán tó wà lókè rẹ̀ tóbi débi pé imú alága nìkan ni mo kọ́kọ́ rí.

Àdùkẹ́_Alátòjọ

Ohun tí Akọ̀wé rí yẹn ní ìdí. Láti Outlook 2007 ni Outlook orí Windows ti ń fi ẹ̀rọ Word ya lẹ́tà sójú, kì í fi bráwúsà ṣe é. Word ò mọ ohun tí `max-width` ń jẹ́, á fò ó kọjá, `div` á sì na títí dé ibi tí fèrèsé bá fẹ̀ dé. Ohun tó mọ̀ dáadáa ni tébù tí a kọ fífẹ̀ rẹ̀ sára rẹ̀ ní nọ́ńbà.

Ọgbọ́n tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń dá ni pé a máa ń fi tébù mìíràn yí tiwa po, tébù tí Outlook nìkan lè rí. Gmail, Yahoo àti iPhone á kà á sí ọ̀rọ̀ àkíyèsí lásán, wọ́n á fò ó. Bó ṣe rí nìyí:

```html
<!--[if mso]>
<table role="presentation" width="600" align="center"
 cellpadding="0" cellspacing="0" border="0"><tr><td>
<![endif]-->
<table role="presentation" width="100%" align="center"
 cellpadding="0" cellspacing="0" border="0"
 style="max-width:600px;margin:0 auto;">
 <tr><td style="padding:16px;font-family:Arial,sans-serif;
 font-size:16px;line-height:24px;">
 Ọ̀rọ̀ yín á wà níbí
 </td></tr>
</table>
<!--[if mso]></td></tr></table><![endif]-->
```

Ẹ wò ó láti inú bọ́ sóde. Tébù ti inú ní `width="100%"`, ìyẹn ló jẹ́ kó lè sún kì tàbí kó fẹ̀ bí ojú fóònù bá ṣe rí. `max-width` ló ní kó má kọjá 600 fún àwọn tó gbọ́ èdè yẹn. Ti òde, tó wà láàárín `[if mso]`, ni ògiri fún Outlook: 600 ni, kò lè na kọjá ibẹ̀. `role="presentation"` wà fún ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran tó ń fi ẹ̀rọ gbọ́ lẹ́tà, kí ẹ̀rọ náà má bàa máa kà á fún un pé tébù nìyí, ìlà kìíní nìyí.

Ẹ kíyè sí i pé ara `td` ni mo fi `padding` sí. Bí ẹ bá fi sára `div` tàbí `p`, Outlook á ṣe bí ẹni tí kò rí i, ọ̀rọ̀ á sì lẹ̀ mọ́ etí. Bákan náà, mo kọ gbogbo àṣà lẹ́tà náà sínú `style=""` lára ohun tó kàn gan-an, kì í ṣe sókè. Ohun tí Gmail Bàbá ò ní yọ kúrò nìyẹn. 16 tí mo kọ fún `font-size`, ìyẹn bí lẹ́tà ṣe tóbi tó, ẹ má ṣe dín in kù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín kì í ṣe ọmọ ogún ọdún.

Olóòtú_Ẹgbẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, Àǹtí Àdùkẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, àwòrán ńkọ́? A máa ń fi fọ́tò ìpàdé síbẹ̀, fọ́tò tí fóònù yà, ó sì máa ń tóbi gan-an.

Àdùkẹ́_Alátòjọ

Ẹ kọ́kọ́ dín fáìlì yẹn kù sí píkísẹ́lì 1200 ní fífẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ìlọ́po méjì àyè tí ẹ ní, kí ó lè mọ́ lórí fóònù tí ojú rẹ̀ ń fi nǹkan hàn kedere, kò sì ní pọ̀ jù fún ẹni tó ń ra dátà. Lẹ́yìn náà:

```html
<img src="foto.jpg" width="568" alt="Ìpàdé wa ní Bódìjà"
 style="display:block;width:100%;max-width:568px;height:auto;">
```

(Ní ipò `foto.jpg`, àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `https` ni kí ẹ kọ.) 568 wá láti inú 600 nígbà tí a bá yọ 16 lápá òsì àti 16 lápá ọ̀tún. `width="568"` tí kò sí nínú `style` yẹn ni ti Outlook. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, Outlook á lo bí fáìlì náà ṣe tóbi tó gan-an, á sì ti ògiri tí a mọ wó. Imú alága tí Akọ̀wé rí, ibẹ̀ ló ti wá.

Ẹ má fi `alt` sílẹ̀ lófìfo. Outlook kì í sábà ṣí àwòrán fúnra rẹ̀, olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ó tó wọlé. Títí dìgbà náà, ọ̀rọ̀ inú `alt` nìkan ló máa rí.

Olóòtú_Ẹgbẹ́

Mo ti ṣe é. Mo ṣí ojú ewé tuntun, mo fi kóòdù yín síbẹ̀, mo wá ń da ọ̀rọ̀ kọ sínú rẹ̀ ní ìpín ní ìpín bí ẹ ṣe tò ó. Outlook orí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi dára gan-an. iPhone dára. Àmọ́ lórí Android, nínú Gmail, gbogbo rẹ̀ ṣì ń kéré, bí ìgbà tí kọ́lọ́ọ̀mù méjì wà níbẹ̀. Kí ló kù?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ṣé o fi `<meta name="viewport">` sókè? Ó ní láti jẹ́ ìyẹn.

Àdùkẹ́_Alátòjọ

Kò burú kó wà níbẹ̀, Apple Mail lè lò ó. Àmọ́ kì í ṣe òun ló ń dààmú Gmail.

Olóòtú, ohun kan ń bẹ nínú lẹ́tà yẹn tó fẹ̀ ju fóònù lọ tí kò sì gbà láti sún kì. Bí Gmail orí Android bá rí i pé nǹkan kan yọ síta, gbogbo lẹ́tà ló máa ń sún kéré kí ìyẹn lè wọlé. Ẹ̀ṣẹ̀ nǹkan kan ṣoṣo ni gbogbo ìyókù á wá jẹ. Ìdí nìyẹn tó fi jọ pé iṣẹ́ yín ò ṣiṣẹ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Bí ẹ ṣe máa mú un: ẹ fi `<meta name="viewport" content="width=device-width,initial-scale=1">` sókè kí Chrome má bàa ka fóònù sí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí HTML yẹn nínú Chrome lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ F12, lẹ́yìn náà Ctrl+Shift+M, kí ẹ wá kọ 320 sí fífẹ̀. Ẹ rọra máa wò ó láti òkè wá sílẹ̀. Ibi tí nǹkan bá ti yọ kọjá etí ọ̀tún, ọ̀daràn wà níbẹ̀. Bí ojú ò bá rí i, ẹ gé ìdajì ìsàlẹ̀ kúrò kí ẹ tún wò ó. Bó bá dára, ìdajì tí ẹ gé ló ní ẹ̀ṣẹ̀, kí ẹ dá a padà kí ẹ tún gé ìdajì ìyẹn. Ẹ tún fi Ctrl+F wá `nowrap`, àti `width=` tí nọ́ńbà rẹ̀ bá tóbi. Word fẹ́ràn láti máa fi nọ́ńbà sílẹ̀ kiri.

Kìkì pé Chrome kò lè sọ bí Outlook ṣe máa rí fún yín o. Ìyẹn, àfi kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ní in, tàbí kí ẹ sanwó fún Litmus tàbí Email on Acid, tó máa ń ya àwòrán lẹ́tà nínú oríṣiríṣi àpótí íméèlì. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ò nílò àtisan irú owó yẹn, lójú tèmi. Ẹ̀gbọ́n tó ní Outlook ti tó.

Olóòtú_Ẹgbẹ́

Mo ti rí i! Méjì ni wọ́n. Àkọ́kọ́ ni tébù owó ìdàgbàsókè: kọ́lọ́ọ̀mù márùn-ún, sẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n bù fún wọn, iye tó wọlé, iye tó kù, àti orúkọ ẹni tó ń gba owó náà. Ó ti Word wá, 780 wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Èkejì ni líǹkì fọ́ọ̀mù tí mo dà sínú rẹ̀ bó ṣe wà, ó gùn bí kí ni, kò sí àyè kankan láàárín rẹ̀.

Mo mọ bí mo ṣe máa ṣe líǹkì: màá fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ "Ẹ kọ orúkọ yín síbí". Tébù yẹn ló kù. Akápò kò ní gbà kí n yọ ọ́.

Akọ̀wé_Báńkì

Ya fọ́tò rẹ̀ kí o fi síbẹ̀ bí àwòrán. Ohun tí àwa ń ṣe nìyẹn pẹ̀lú ìròyìn owó.

Àdùkẹ́_Alátòjọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòrán kọ́lọ́ọ̀mù márùn-ún tí a sún wọ inú àyè 328 tó kù lórí fóònù tó fẹ̀ ní 360, kò ní ṣe é kà. Iye nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ kò ní dín kù torí pé ó di fọ́tò.

Ẹ tú tébù yẹn palẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ á di ìpínrọ̀ kékeré kan, orúkọ sẹ́ẹ̀tì á wà lórí, ìyókù á tò tẹ̀ lé e:

```html
<p style="margin:0 0 12px;"><strong>Sẹ́ẹ̀tì 1984</strong><br>
Ó wọlé: ₦250,000<br>
Ó kù: ₦50,000</p>
```

Ẹ rí i pé mo ti fi "iye tí wọ́n bù fún wọn" sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tó wọlé àti ohun tó kù lè rò ó pọ̀. Orúkọ ẹni tó ń gba owó, tó bá jẹ́ ẹnì kan náà fún gbogbo wọn, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sókè. Nígbà mìíràn, ohun tí à ń pè ní ìṣòro ètò ojú ewé, ìṣòro pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù ni. Bí Akápò bá fárí gá, kí odidi tébù rẹ̀ wà níbòmíràn, kí líǹkì gbé èèyàn lọ.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Ẹ jẹ́ kí n yà síbí díẹ̀. Èmi ni mò ń ṣe ti ìjọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Kọ́lọ́ọ̀mù kan ni tiwa tipẹ́, kò sí wàhálà ìyẹn. Ohun tó ń ṣe tiwa ni pé nínú Gmail, ó máa ń gé ní àárín ọ̀nà, wọ́n á wá kọ `[Message clipped]` síbẹ̀ pẹ̀lú `View entire message`. Àwọn ìkéde àdúrà wà lábẹ́ ibi tó ti gé, kò sẹ́ni tó ń rí i. Ẹnì kan sọ fún mi pé àwòrán ló pọ̀ jù. Mo yọ àwòrán, ó ṣì ń gé. Mo máa ń kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn, ṣé ìyẹn ló fà á ni?

Àdùkẹ́_Alátòjọ

Àwòrán kọ́. Àwòrán ò sí nínú lẹ́tà fúnra rẹ̀, ibòmíràn ni wọ́n ti ń fà á wá. HTML yín gan-an ni Gmail ń wọ̀n, tó bá ti kọjá nǹkan bí 102KB, ó gé e nìyẹn. Ẹ fi HTML náà pamọ́ bí fáìlì kí ẹ wo bó ṣe wúwo tó.

Tí ọ̀rọ̀ yín bá jẹ́ ojú ewé mẹ́ta tí fáìlì sì ju 102KB lọ, pàǹtírí Word ló kún inú rẹ̀. Ẹ fi Ctrl+F wá `mso-` àti `MsoNormal`, ẹ máa rí wọn bí omi. Ìlà ọ̀rọ̀ kan lè ní ìlà mẹ́rin àṣà Word lára. Nígbà tí ẹ bá ń dà á kọ, Ctrl+Shift+V ni kí ẹ lò, kì í ṣe Ctrl+V, kí ọ̀rọ̀ nìkan wọlé. Ẹ wá fi ọwọ́ ara yín tún àkọlé àti lẹ́tà dúdú ṣe. Ó ń gba àkókò, àmọ́ kò sí ọ̀nà àbùjá tó mọ́ jùyẹn lọ.

Ti àmì ohùn, ó ní ibi tó ń gbà wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà `ẹ́` sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, pẹ̀lú `<meta charset="utf-8">` lókè, báìtì márùn-ún ni. Àmọ́ àwọn ẹ̀rọ kan máa ń yí i padà sí `&#7865;&#769;`, ìyẹn sì di báìtì mẹ́tàlá. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún odidi lẹ́tà Yorùbá. Ẹ wo inú HTML yín bóyá irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kún ibẹ̀. Ẹ má tìtorí rẹ̀ yọ àmì o. Ẹ̀rọ tó ń yí i padà ni kí ẹ bá jà.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Mo wò ó. `MsoNormal` kún bí ẹ ṣe wí, nọ́ńbà yẹn náà wà níbẹ̀. Ìkéde ọ̀sẹ̀ yìí ni màá kọ́kọ́ fi dán an wò. Ìbéèrè mìíràn: àmì abẹ́ máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí fóònù àwọn kan, àmì òkè á gun lẹ́tà tó kàn. Fọ́ńtì tó rẹwà kan látọ̀dọ̀ Google ni mo ń lò.

Àdùkẹ́_Alátòjọ

Ẹ fi fọ́ńtì yẹn sílẹ̀. Gmail kì í gba fọ́ńtì tí ẹ bá mú wá láti ìta, torí náà ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka lẹ́tà yín ò tíì rí i rí. Àwọn tó rí i, bí fọ́ńtì náà ò bá mọ bí a ṣe ń gbé àmì lé ẹ tàbí ọ, ohun tí ẹ ń sọ yẹn ló máa ṣẹlẹ̀. Arial. Kò wuni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àmì ń jókòó síbi tó yẹ.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Fláyà ńkọ́? Olóòtú ò tíì sọ ọ́, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ kankan ò sí tí kì í fi fláyà síbẹ̀. Èmi ò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn rẹ̀, ẹni tó bá rí fọ́tò àwọn àlejò pàtàkì pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ jọjọ máa dúró wò ó. Ìpínrọ̀ lásán, wọ́n á fò ó.

Olóòtú_Ẹgbẹ́

O mọ̀ mí jù. Fláyà ayẹyẹ ọdún ni ohun àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ àríyá fi ránṣẹ́ sí mi.

Àdùkẹ́_Alátòjọ

Kí ó wà níbẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀, èmi ò bá fláyà jà. Ẹ kàn ṣírò rẹ̀. Fláyà tó fẹ̀ ní 1200, tí ẹ fi hàn lórí fóònù tó fẹ̀ ní 360, ti di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Lẹ́tà tó jẹ́ 30 nígbà tí wọ́n ń yà á á wá di 9. Orúkọ ayẹyẹ á hàn, torí ó tóbi. Àdírẹ́sì gbọ̀ngàn, aago, àti nọ́ńbà àkáǹtì tó wà nísàlẹ̀ ò ní ṣe é kà, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an lèèyàn ń wá. Kò sì sẹ́ni tó lè da nọ́ńbà àkáǹtì kọ látinú àwòrán. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́, ibi àti àkáǹtì ní ọ̀rọ̀ gidi sábẹ́ fláyà náà, kì í ṣe inú rẹ̀ nìkan.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ ti wá kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Lórí fóònù tí ẹ ní kí a má fi ọ̀rọ̀ kún jù.

Akọ̀wé_Báńkì

Èmi fara mọ́ Àdùkẹ́ lórí ìyẹn. Lọ́fíìsì wa fláyà kì í ṣí, àpótí funfun ni mo máa ń rí.

Àmọ́ mo ní ìbéèrè tèmi. Wọ́n ti ń yí àwa kan padà sí Outlook tuntun níbi iṣẹ́. Ṣé tébù tí ẹ fi ṣe ògiri fún Outlook yẹn ṣì ṣe pàtàkì?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Rárá. Outlook tuntun ń lo ẹ̀rọ bráwúsà bíi ti orí wẹ́ẹ̀bù. `max-width` ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ṣètọ́jú tébù yẹn, òkú lẹ̀ ń wẹ̀.

Àdùkẹ́_Alátòjọ

Òótọ́ ni nípa tuntun. Àmọ́ Microsoft fúnra wọn ní àwọn á ṣì máa ti Outlook àtijọ́ lẹ́yìn títí ó kéré tán dé ọdún 2029, ilé iṣẹ́ tó ti ra á kò sì ní kánjú. Ìlà bíi mẹ́rin ni kóòdù yẹn. Mi ò tíì ní yọ ọ́ kúrò.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Èmi ti yọ tèmi. Àwọn oníbàárà mi, fóònù ni gbogbo wọn ń lò.

Àdùkẹ́_Alátòjọ

Tí o bá mọ oníbàárà rẹ, kò sí ẹjọ́. Ẹgbẹ́ Olóòtú ní àwọn ará báńkì nínú.

Bàbá_Pẹ́ńṣọ̀n

Olóòtú, tí ẹ bá parí rẹ̀ ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi nínú ìdánwò, bí mi ò tiẹ̀ ṣe ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yín. Ẹ ti rí Yahoo nínú Gmail.

Olóòtú_Ẹgbẹ́

Ẹ ṣeun, Bàbá, mo ti kọ lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ sí yín kí n lè gba àdírẹ́sì. Mo ti tú tébù Akápò palẹ̀. Android tèmi ti ń fi í hàn ní ìwọ̀n tó yẹ báyìí, lẹ́tà 16, kò sí fífà sọ́tùn-ún. HTML rẹ̀ jẹ́ 31KB.

Akápò ní òun ṣì fẹ́ kọ́lọ́ọ̀mù márùn-ún òun. Mo ti fi líǹkì sí i fún un, ó ní kò sẹ́ni tó máa tẹ líǹkì. Ìgbìmọ̀ àríyá náà ní kí n má kọ ohunkóhun sábẹ́ fláyà àwọn, pé ó ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin tó ti bá irú ìgbìmọ̀ báyìí ṣiṣẹ́ rí, báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ fún wọn?

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Ṣí i lórí fóònù tìrẹ, gbé e fún alága wọn, kí o ní kó ka nọ́ńbà àkáǹtì sókè fún ẹ.